Ìtẹ̀kútẹ̀ Tàbí Àṣìtẹ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Ọ̀rọ̀ Tí Ẹni Tó Tẹ̀ Ẹ́ Ní Lọ́kàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù wa, kí n sì yọ àwọn tí kò wúlò kúrò. Àwọn kan wà tí mi ò lè sọ bóyá ńṣe ni ẹni tó tẹ̀ wọ́n kàn ń fọwọ́ gbá bọ́tìnnì, tàbí ó ní ohun tó fẹ́ sọ ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ jágajàga. Báwo ni mo ṣe lè dá wọn mọ̀ láìjẹ́ pé mò ń méfò?

Ìdáhùn: Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣìnà. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò tẹ̀ dáadáa kì í ní ìtumọ̀ lójú, nítorí náà bí ó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ nìkan ni ẹ ń wá, ẹ óò da èyí tó wúlò nù mọ́ èyí tí kò wúlò. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi ara yín ni pé: ǹjẹ́ àtúnṣe kan wà, irú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò sọ gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí di gbólóhùn? Àṣìtẹ̀ sábà máa ń ní okùnfà kan. Ọwọ́ yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, tàbí àtàǹpàkò ń kọjá bọ́tìnnì kan ní gbogbo ìgbà, tàbí ẹni náà ń kánjú débi pé lẹ́tà ń ṣíwájú ara wọn. Bí ẹ bá ti mọ okùnfà náà, ẹ lè fi òfin kan ṣoṣo tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìtẹ̀kútẹ̀ kò ní irú okùnfà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò fi máa béèrè àwáwí tirẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìtẹ̀kútẹ̀ ṣe máa ń rí, nítorí pé bí ó tilẹ̀ dà bí ohun tí kò ní ìlànà, ó ní ìlànà púpọ̀. Ẹni tí ó kàn fẹ́ kún àyè kan kí fọ́ọ̀mù lè gbà á kọjá kì í wá lẹ́tà kiri. Ọwọ́ rẹ̀ á dúró síbi tí ó wà, àwọn ìka á sì máa lọ ní ẹsẹẹsẹ. Lórí kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní QWERTY, ibi tí ọwọ́ máa ń sinmi lé ni ìlà àárín, èyí tí lẹ́tà `a`, `s`, `d`, `f`, `g`, `h`, `j`, `k` àti `l` wà. Ẹ wo èyí:

```
sdfkjhsdfkjhsd
```

Bí ẹ bá wo kíbọọ̀dù yín bí ẹ ti ń kà á, ẹ óò rí i pé ọwọ́ òsì rìn láti `s` dé `f` láìfo bọ́tìnnì kankan, ọwọ́ ọ̀tún rìn láti `k` dé `h` bákan náà, lẹ́yìn náà wọ́n tún un ṣe. Ìrìn ọwọ́ ni ohun tí ẹ ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé kò sí fáwẹ̀lì kankan nínú lẹ́tà mẹ́rìnlá náà. Èyí kì í ṣe èèṣì: nínú àwọn fáwẹ̀lì, `a` nìkan ló wà ní ìlà àárín, `e`, `u`, `i` àti `o` wà ní ìlà òkè, ìlà ìsàlẹ̀ kò sì ní ìkankan. Ọwọ́ tí kò kúrò ní ìlà àárín kò lè bá fáwẹ̀lì pàdé àfi tí ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì bá kan `a`. Yàtọ̀ sí èyí, kì í sábà sí àlàfo nínú ìtẹ̀kútẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn kò ní ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Lórí fóònù, ìrìn náà yàtọ̀ díẹ̀ nítorí pé àtàǹpàkò méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìtẹ̀kútẹ̀ ibẹ̀ máa ń rí bíi `hsjsjdhsjdjs`: àtàǹpàkò òsì ń gbá `s` àti `d`, ti ọ̀tún ń gbá `h` àti `j`, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bíi ẹni ń lu ìlù. Bí ẹ bá rí àwọn lẹ́tà mẹ́rin péré tí wọ́n ń yí ara wọn po báyìí, ẹ kò nílò láti wá nǹkan mìíràn kún un.

Wàyí o, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín máa ń dúró síbi fáwẹ̀lì yìí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì rẹ̀ kò tó nǹkan kì í ṣe ọ̀rọ̀. Nínú èdè Yorùbá, ìdánwò náà wuni láti gbára lé, nítorí pé fáwẹ̀lì tàbí lẹ́tà aránmúpè ló ń parí ọ̀rọ̀ wa, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í sábà tẹ̀ léra wọn yàtọ̀ sí `gb` àti ibi tí `n` tàbí `m` bá ti jẹ mọ́ ọn. Mi ò ní kí ẹ má lò ó, àmọ́ ẹ má fi í dájọ́ nìkan. Ẹ wo èyí, tó wọlé sínú fọ́ọ̀mù irú tiyín:

```
r kpep r [r ,o
```

Fáwẹ̀lì méjì péré ló wà nínú rẹ̀, àmì àkámọ́ àti kọ́mà wà ní ibi tí kò yẹ kí wọ́n wà, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ojú mọ̀. Bí ẹ bá fi fáwẹ̀lì dájọ́, ẹ óò sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ó dáadáa. Àlàfo mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n sì pín ọ̀rọ̀ náà sí ìdì márùn-ún: lẹ́tà kan, lẹ́tà mẹ́rin, lẹ́tà kan, méjì, méjì. Bí gbólóhùn ṣe máa ń rí nìyẹn. Bákan náà, `r` dá dúró ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì tún parí ìdì kẹrin, bí ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ẹni náà ń pè padà. Ní ìparí, ọwọ́ tí ń gbá ìlà àárín kì í sábà dé ibi `[`, nítorí ọ̀kánkán ìka tó kéré jù ni ó wà, lókè pátápátá ní apá ọ̀tún. Ẹni tó tẹ `[` níbẹ̀ ń nawọ́ sí nǹkan kan.

Kí ni ó ń nawọ́ sí? Ẹ wo ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì `[` lórí kíbọọ̀dù: `p` ni. Ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì kọ́mà ni `m`. Ẹ̀gbẹ́ òsì `r` ni `e`. Bí ẹ bá wá gbé gbogbo lẹ́tà náà ní bọ́tìnnì kan sí òsì, `kpep` á di `jowo`, `[r` á di `pe`, `,o` á sì di `mi`. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ `e jowo e pe mi`. Ẹni náà ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pe òun, kò sì ṣe àṣìṣe kankan yàtọ̀ sí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi bọ́tìnnì kan sún sí ọ̀tún kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le. Ẹni tó mọ ìtẹ̀wé láìwo kíbọọ̀dù máa ń fi ìka ìfábẹ̀lá wá ibi tó ga díẹ̀ lórí `f` àti `j`, èyí ni yóò sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ti dé ipò. Bí kò bá wá a, tàbí tí ó ń wo ìwé mìíràn nígbà tó ń tẹ̀wé, ó lè tẹ gbólóhùn odindi kí ó tó gbójú sókè. Àlàfo nìkan ni kì í bàjẹ́, nítorí pé bọ́tìnnì rẹ̀ gùn débi pé àtàǹpàkò tó sún díẹ̀ ṣì máa bá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbójú lé àlàfo ju fáwẹ̀lì lọ: òun ni egungun tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí gbogbo ìyókù bá ti yí padà.

Nígbà mìíràn ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló sún nínú gbólóhùn tí a yẹ̀ wò yìí, `e kpwp e [e ,o` ni ẹ óò rí: `e` àti `w` dúró bí wọ́n ṣe wà nítorí ọwọ́ òsì ló ń tẹ̀ wọ́n. Bí ọwọ́ bá sì sún sí òsì dípò ọ̀tún, àmì rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì `a` ni bọ́tìnnì `Caps Lock` wà lórí ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù, nítorí náà gbogbo ibi tí ó yẹ kí `a` wà ni yóò ṣófo, tí lẹ́tà yóò sì di ńlá lójijì láti ibẹ̀ lọ títí ó fi máa tún kan bọ́tìnnì náà. Lẹ́tà tó ń di ńlá tó tún ń di kékeré láàárín ọ̀rọ̀ láìsí ìdí jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ fi ojú yẹn wò kí ẹ tó pè é ní ìranù.

Bí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ní lọ́wọ́ bá pọ̀, tí ẹ sì ní kọ̀ǹpútà tó ń gba irú àṣẹ yìí, ẹ kò ní láti máa ṣí lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ kúkúrú yìí á gbé gbogbo lẹ́tà kékeré sí òsì ní bọ́tìnnì kan:

```
echo 'r kpep r [r ,o' | tr 'wertyuiop[sdfghjkl;xcvbnm,' 'qwertyuiopasdfghjklzxcvbnm'
```

Ẹ lè pààrọ̀ ìdì lẹ́tà méjèèjì fún ara wọn láti gbé wọn sí ọ̀tún. Ẹ mú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣiyèméjì lé lórí gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì wo èyí tó bá jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ìtẹ̀kútẹ̀ tí ẹ gbé sí òsì ṣì máa jẹ́ ìtẹ̀kútẹ̀: `sdfkjh` á di `asdjhg`, kò sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé ètò bọ́tìnnì QWERTY ni mo ń sọ o. Ẹni tó ń lo kíbọọ̀dù tí ètò rẹ̀ yàtọ̀ yóò ní aládùúgbò lẹ́tà tó yàtọ̀.

Fóònù kì í sábà ṣe irú àṣìṣe yìí, nítorí ẹni tó ń lò ó ń wo ohun tó ń tẹ̀. Tirẹ̀ ni pé àtàǹpàkò máa ń gbéra ga ju bọ́tìnnì àlàfo lọ, ìlà tó sì wà lókè àlàfo gan-an ni èyí tí `v`, `b` àti `n` wà láàárín rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni irú èyí:

```
mobtinsanvowo
```

Kò sí àlàfo kankan, lẹ́tà `v` tí Yorùbá kò ní sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi àlàfo rọ́pò `b`, `n` àkọ́kọ́ àti `v`, ohun tí ẹ óò kà ni `mo ti san owo`. Òfin kan náà ni, pé àtàǹpàkò tó ń wá àlàfo bọ́ sí ìlà òkè rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣàkíyèsí pé àlàfo tó sọnù kò já irọ́ ohun tí mo sọ lókè. Kò sọnù, ó kàn wọ aṣọ lẹ́tà mìíràn ni, ipò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ní ẹ̀gún kan tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. `n` àkọ́kọ́ yẹn lè má jẹ́ àlàfo tó ṣìnà. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà fẹ́ sọ pé òun ti ń san owó, tí àlàfo méjì tó yẹ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ `n` sì fò ó. Àwọn gbólóhùn méjèèjì dára ní èdè Yorùbá, ọ̀tọ̀ sì ni owó tí ènìyàn ti san, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó ṣì ń san. Kíkà àkọ́kọ́ ló rọrùn jù nítorí òfin kan ló nílò. Èkejì nílò òfin náà àti àlàfo méjì tí a kò tẹ̀ rárá. Èmi á gba ti àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tó ṣeé ṣe jù, àmọ́ mi ò ní fi ṣe ìpinnu nípa owó ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ìpinnu méjì ni ẹ ń ṣe, kì í ṣe ọ̀kan: bóyá ẹni náà ní nǹkan láti sọ, àti ohun tó sọ. Ẹ lè dá èyí àkọ́kọ́ lójú pátápátá kí èkejì sì ṣì wà nínú òkùnkùn.

Ìbẹ̀rù tó wà ní òdìkejì ni pé ẹni tó bá ti mọ ọgbọ́n yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ níbi tí kò sí. Bí ẹ bá gbà pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ara rẹ̀ tàbí ọ̀kan nínú aládùúgbò mẹ́rin, lẹ́tà mẹ́fà péré á fún yín ní ọ̀nà 15,625 láti kà á, ó sì máa yà yín lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ gidi kò bá sí nínú wọn. Kì í ṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà náà, ẹ̀yin ni. Òdiwọ̀n kan tó ti pẹ́ lè ràn yín lọ́wọ́ níhìn-ín. Ní ọdún 1964, Frederick Damerau kọ̀wé nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe lè rí àṣìkọ kí ó sì tún un ṣe. Ó rí i pé nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì kọ, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ pé àṣìṣe ẹyọ kan ló wà nínú wọn: lẹ́tà kan ṣì, lẹ́tà kan sọnù, lẹ́tà kan lé, tàbí lẹ́tà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pààrọ̀ ipò. Nítorí náà, nígbà tí òfin kan ṣoṣo kò bá tú gbogbo rẹ̀, mo máa ń gba àtúnṣe ẹyọ kan fún ọ̀rọ̀ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. `mo ti sna owo` kọjá nítorí ẹyọ kan ni. Bí mo bá rí ara mi tí mò ń tún lẹ́tà mẹ́ta ṣe nínú ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún, tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní àwáwí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ti mọ̀ pé mo ti ń fúnra mi kọ ọ́.

Ìdánwò kan tún wà tí mo máa ń ṣe bí ọkàn mi kò bá balẹ̀: màá gbé ohun tí mo rò pé mo kà pamọ́, màá sì fún ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe wọlé pẹ̀lú òfin tí mo lò. Bí òun náà bá dé ibi kan náà láìsọ fún un, ó dára. Bí ó bá dé ibòmíràn, òfin mi kò lágbára tó.

Gígùn ọ̀rọ̀ ni ààlà tó le jù nínú gbogbo èyí. Bí ọ̀rọ̀ bá kúrú jù, kò sí àyè fún okùnfà láti farahàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àfi bí ó bá ní orí ire. `jpwp` jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin péré, síbẹ̀ mo máa gbà á gẹ́gẹ́ bíi `jowo`, nítorí ìka kan náà ló yẹ̀ láti `o` sí `p` lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ ní ibi méjèèjì tí fáwẹ̀lì yẹ kí ó wà. Ṣùgbọ́n `hkj` kò sọ ohunkóhun fún mi. Ó lè jẹ́ ìgbìyànjú tí ẹnì kan pa tì, ó lè jẹ́ ìgbátí ọwọ́, kò sì sí ọgbọ́n tó lè yọ ohun tí kò sí nínú lẹ́tà mẹ́ta jáde. Irú èyí, ẹ wo ohun tó yí i ká dípò òun fúnra rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù yín bá ní iye lẹ́tà tó kéré jù tí ó ń gbà, ẹ wo bóyá ọ̀rọ̀ náà dúró géérégé síbẹ̀. Ẹni tó ń kún àyè máa ń dẹ́kun ní kété tí bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ bá ti ṣí fún un. Ẹ wo àyè yòókù tí ẹni kan náà kún. Bí ó bá ti fara balẹ̀ kọ orúkọ àti ọjọ́, kí ó wá tẹ ìranù sí àyè kan ṣoṣo, ìtẹ̀kútẹ̀ kò dàbí tirẹ̀ mọ́.

Àwọn ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. `ghbdtn` dà bí ìtẹ̀kútẹ̀ pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n ìkíni lédè Rọ́ṣíà ni. Ẹni náà gbàgbé láti yí kíbọọ̀dù rẹ̀ padà sí lẹ́tà Rọ́ṣíà kí ó tó tẹ̀wé. Bí ẹ bá rí `áº¹` níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà kan wà, ẹ má dá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́bi rárá, nítorí `ẹ` ni ó tẹ̀, kọ̀ǹpútà tó gbà á ló ṣì í kà. Àwọn ọ̀dọ́ a sì máa fi ìtẹ̀kútẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ara wọn: ẹni tó dáhùn àwàdà pẹ̀lú `skdjfhskjf` ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Nínú fọ́ọ̀mù, mi ò tíì rí ibi tí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti ṣe pàtàkì. Fóònù sì tún ní àrékérekè tirẹ̀: ó lè tún ìtẹ̀kútẹ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ gidi tí kò bá ara wọn mu, ẹ ò sì ní rí ìrìn ọwọ́ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ gidi mẹ́rin bá tò léra láìsí ìṣe, láìsí ẹni tó ṣe é, ẹ fura sí i.

Nídìí iṣẹ́ yín gan-an, ẹ má pín àwọn ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ẹ pín wọn sí mẹ́ta. Èyí tí ìrìn ọwọ́ hàn gbangba nínú rẹ̀ ni kí ẹ yọ kúrò. Èyí tí òfin kan tú, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ kà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má pa bí ó ṣe wọlé rẹ́, nítorí ẹni tó bá tún un kà lẹ́yìn yín lè rí òfin tó dára ju tiyín lọ. Èyí tí ẹ kò mọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Bí ọ̀nà bá wà láti kàn sí ẹni náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ ohun tí ẹ rò pé ó sọ: ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọlé dáadáa, kí ó jọ̀wọ́ tún un tẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ohun tó ń sọ ni pé òun ti san owó, ẹni tó ṣì ń san díẹ̀díẹ̀ lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.